Àkójọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún síláìdì: bí a ṣe ń ṣe é fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́

Síláìdì kẹsàn-án ni ọmọ iṣẹ́ kan ti dá mi dúró. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé "ínfátà máa ń sọ iná DC di iná AC". Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹni tí kò bá ní ẹ́ésì nílé kò lè lo sólà ni?"

Kò sí ohun tó burú nínú ìbéèrè rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ AC, ẹ̀rọ amúlétutù sì ni wọ́n ń fi pè. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé lẹ́nu iṣẹ́ iná, lẹ́tà méjì yẹn kan náà ni orúkọ iná alátẹ̀síwá-sẹ́yìn, ìyẹn irú iná tó ń jáde lára ògiri, tí DC sì jẹ́ irú iná tó ń jáde lára bátìrì. Àkójọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́yìn síláìdì yẹn o, ojú ewé méjì gbáko. AC kò sí níbẹ̀, nítorí ẹni tó kọ ọ́ rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Síláìdì 34 ni gbogbo ẹ̀, lórí iná oòrùn inú ilé: páánẹ́lì, bátìrì, ínfátà àti wáyà tó so wọ́n pọ̀. Wọ́n ní kí n tún àkójọ ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ. Bí síláìdì tiyín bá dá lórí ìṣirò owó tàbí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ ni yóò yàtọ̀, ọ̀nà náà kò yí padà.

Inú síláìdì ni kí ẹ ti kó ọ̀rọ̀ jọ

Ẹni tó kọ síláìdì kọ́ ló yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ tó le níbẹ̀, nítorí kò le lójú tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń kó ọ̀rọ̀ jọ: kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ṣà, lẹ́yìn náà kí ènìyàn tó jẹ́ àjèjì sí iṣẹ́ náà tún ṣà.

Ti kọ̀ǹpútà kò gba àkókò. Bí ẹ bá ní Páítọ́nì lórí ẹ̀rọ yín, tí ẹ sì ti fi `pip install python-pptx` gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ìlà díẹ̀ yìí yóò to gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́tà ńlá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà síláìdì tó ti jẹ yọ:

```python
import re
from pptx import Presentation

ibi = {}
for n, s in enumerate(Presentation("sola.pptx").slides, 1):
    for k in s.shapes:
        if k.has_text_frame:
            for w in re.findall(r"\w*[A-Z]\w*[A-Z]\w*", k.text_frame.text):
                ibi.setdefault(w, set()).add(n)
for w in sorted(ibi):
    print(w, sorted(ibi[w]))
```

Yóò mú SOC àti DoD tó jẹ mọ́ iye iná inú bátìrì wá, àti MPPT tó jẹ mọ́ páánẹ́lì, àti LiFePO4 tó jẹ́ irú bátìrì kan. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ojú rẹ̀ kò dé. Kò ní mú Ah, Wp àti kWh, tí wọ́n jẹ́ òṣùwọ̀n bátìrì, páánẹ́lì àti iná tí a jẹ, nítorí lẹ́tà ńlá kan péré ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń da ẹni tuntun láàmú jù. Kò ní wo inú tábìlì, kò ní wo inú àwòrán tí wọ́n kó pọ̀ di ẹyọ kan, kò sì lè ka lẹ́tà tó wà lára fọ́tò. Nínú àwọn síláìdì 34 yẹn, fọ́tò ojú ínfátà kan wà tí wọ́n kọ "PV", "BAT" àti "LOAD" sí lára. Ojú ni mo fi rí wọn. Bí wọ́n bá kọ àkọlé ní lẹ́tà ńlá látòkèdélẹ̀, yóò kó gbogbo àkọlé náà wá pẹ̀lú. Ẹ kàn pa wọ́n rẹ́.

Ti ènìyàn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ tẹ síláìdì náà sórí ìwé, méjì lójú ewé kan, kí àyè lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ẹni méjì tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yẹn, ẹ fún wọn ní bírò. Ẹ má ṣe ní kí wọ́n fa ìlà sí ọ̀rọ̀ tí kò yé wọn. Ẹni tó rò pé òun mọ AC kò ní fa ìlà kankan sí i. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbáà tiẹ̀ dá wọn lójú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí n kò lérò ti jáde. Ọ̀rọ̀ Yorùbá lásán ni: "iná". Síláìdì 6 ní páánẹ́lì ń mú "iná púpọ̀" wá lọ́sàn-án, síláìdì 18 ní bátìrì ń tọ́jú "iná púpọ̀". Àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ bí iná ṣe ń ya wọlé tó ní ìṣẹ́jú kan, èkejì ń sọ̀rọ̀ iye tó ti jọ. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kọ "iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa" sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. "Chájì" náà ṣe irú ẹ̀ fún wọn: níbì kan ó jẹ́ kíkún bátìrì, níbòmíràn owó iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò lójoojúmọ́, tí iṣẹ́ wá yà lò fún nǹkan mìíràn, léwu ju ìgékúrú lọ. Ẹni tó bá rí MPPT mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n, yóò béèrè. Ẹni tó bá rí "iná" á kàn máa kà lọ ni.

Ẹ to wọn sínú tábìlì, kí ẹ wá wo èyí tó ń jà

Òpó mẹ́rin péré ni mo ń lò nínú tábìlì mi: ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, àwọn síláìdì tó wà, ohun tí ẹni tuntun rò pé ó jẹ́, àti ohun tó jẹ́ nínú síláìdì yìí. Mo ní "bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an", nítorí SOC, SoC àti "ipò bátìrì" wà nínú iṣẹ́ kan náà, tí gbogbo wọn sì ń sọ iye tó kù nínú bátìrì. Lójú ẹni tuntun, nǹkan mẹ́ta nìyẹn.

Wàhálà méjì ni tábìlì yìí máa ń tú síta. Àkọ́kọ́ ni ohun kan tó ní orúkọ púpọ̀, bí SOC yẹn. Àkójọ ìtumọ̀ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ lọ bá ẹni tó ni síláìdì kó mú orúkọ kan, kí ẹ sì fi pààrọ̀ àwọn yòókù níbi gbogbo. SOC la mú, torí òun ni ọmọ iṣẹ́ yóò rí lójú ínfátà fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n tí mo ń lò nìyẹn: orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ ló borí orúkọ tó wà lẹ́nu olùkọ́.

Èkejì ni orúkọ kan tó ní ohun méjì. AC wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí nígbà tó di síláìdì 29, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò ẹrù tí ínfátà lè gbé, wọ́n tún kọ "AC 1 HP", ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n sì ń sọ lọ́tẹ̀ yìí. A yí ti síláìdì 29 padà sí "ẹ́ésì", AC wá dá dúró fún irú iná nìkan. MPPT náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọgbọ́n kan ni, pé kí ẹ̀rọ máa wá ibi tí fóltéèjì àti iná tó ń ṣàn láti ara páánẹ́lì yóò ti fún un ní agbára tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, àpótí tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "MPPT". Ẹ kò lè dá àwọn oníṣẹ́ lẹ́kun. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìtumọ̀ náà, kí ẹ sì sọ èyí tí síláìdì ń lò.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló yẹ kó wọlé

Ọ̀rọ̀ 58 ló wà nínú tábìlì mi nígbà tí mo kó wọn jọ tán. Méjìlélógún ló wọlé níkẹyìn. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ yọ lórí síláìdì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a kò sì lè lóye síláìdì náà láìmọ̀ ọ́n, ó wọlé. Èyí tó bá jẹ yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú ibẹ̀ gan-an la ti ń túmọ̀ rẹ̀ tàbí ká yọ ọ́ dànù. "BOS" wà lórí síláìdì 31 nìkan. Gbogbo ohun tí kì í ṣe páánẹ́lì ni wọ́n fi ń pè, àmọ́ wáyà, bùrékà àti irin ìdè ni síláìdì yẹn ń sọ. A pa lẹ́tà mẹ́ta náà rẹ́, a kọ "wáyà, bùrékà àti irin ìdè" dípò. Síláìdì náà kò gùn ju bó ti wà lọ.

Inú ẹni tó ni síláìdì kì í sábà dùn síbi yìí. Yóò ní ó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ mọ BOS. Ó yẹ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe lónìí.

Kíkọ ìtumọ̀: kí ẹ fara balẹ̀ níbí

Ohun tó wà nínú àkójọ àtijọ́ nípa kWh ni: "ẹyọ òṣùwọ̀n agbára". Òótọ́ ni, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lóye gbólóhùn yẹn kò nílò rẹ̀.

Mo máa ń kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ kan. Èkíní sọ irú nǹkan tó jẹ́, ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tuntun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èkejì fi nọ́ńbà kékeré kan hàn án, láti inú síláìdì yẹn gan-an bó bá ṣe é ṣe. Ẹ̀kẹta, bó bá yẹ, sọ ohun tí a sábà máa ń ṣì í mú fún. Báyìí ni ti W àti Wh ṣe rí nígbà tí mo tún un kọ:

> W àti Wh (wáàtì, wáàtì-wákàtí). W ni bí nǹkan ṣe ń jẹ iná tó lójú ẹsẹ̀. Wh ni àpapọ̀ iná tó ti jẹ. Gílóòbù 100 W tó tàn fún wákàtí 10 ti jẹ 1000 Wh, ìyẹn 1 kWh. Gílóòbù náà kì í ṣe "100 W ní wákàtí kan". 100 W ni ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn.

Ẹ kíyè sí i pé mo kó méjèèjì sójú kan. Bí a bá fi A-B-D tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kWh yóò wà lójú ewé kìíní, W yóò wà lójú ewé kejì, ẹni tuntun kò sì ní rí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo kọ bí wọ́n ṣe ń pè é pẹ̀lú, nítorí ẹni tí kò mọ bí òun yóò ṣe pe ọ̀rọ̀ kan kì í béèrè nípa rẹ̀ ní gbangba. Yóò kàn dákẹ́ ni.

Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe níbí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo kọ pé DoD jẹ́ "òdìkejì SOC". Mo sọ̀ kalẹ̀ dé S, mo kọ pé SOC jẹ́ "ohun tó kù lẹ́yìn DoD". Ó dùn-ún kà. Ọmọ iṣẹ́ kan lọ síbi DoD, wọ́n ní kó lọ síbi SOC, ó débẹ̀, wọ́n ní kó padà sí DoD. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kó tó bojú wò mí. Láti ìgbà náà, mo máa ń fa ìlà láti ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ sí ọ̀rọ̀ àkójọ yòókù tó bá lò. Bí ìlà bá yípo padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí mo ṣe tún un ṣe nìyí:

> SOC. Iye iná tó kù nínú bátìrì, bí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Bátìrì tó kún jẹ́ 100%, èyí tó ti tán pátápátá jẹ́ 0%. Òun ni ẹ ó máa rí lójú ínfátà.
>
> DoD. Iye tí a ti fà jáde nínú bátìrì láti ìgbà tó ti kún. Bí SOC bá jẹ́ 20%, DoD jẹ́ 80%. Bátìrì kan náà ni, ọ̀nà méjì la gbà wò ó. Bí síláìdì bá ní "DoD 50%" fún bátìrì olómi, ohun tó ń sọ ni pé ká má fà á kọjá ìdajì.

SOC ló dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, DoD wá fara tì í. Ọ̀nà kan péré ni ìlà náà gbà.

Wp nílò irú ìtọ́jú mìíràn. Páánẹ́lì 400 Wp ni èyí tó mú 400 W wá nígbà tí wọ́n dán an wò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ 1000 W lórí mítà onígun mẹ́rin kan, tí ara rẹ̀ sì wà ní 25 °C. Lórí òrùlé tó gbóná, ara páánẹ́lì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ohun tó ń mú wá sì máa ń dín kù. Bí ìtumọ̀ yín kò bá sọ èyí, ọmọ iṣẹ́ yóò wọn páánẹ́lì lọ́sàn-án gangan, yóò rí nọ́ńbà tó kéré sí 400, yóò sì ní wọ́n ti ta ayédèrú fún oníbàárà.

Títò wọn àti ibi tí a ó fi wọ́n sí

Bí ẹ bá ń to ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ ìgékúrú, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà. Yálà kó da ẹ mọ́ e, tàbí kó ju ẹ, ọ àti ṣ sẹ́yìn z. Fún ọ̀rọ̀ méjìlélógún, ọwọ́ yá ju wàhálà yẹn lọ: ẹ lẹ́yìn e, gb lẹ́yìn g, ọ lẹ́yìn o, ṣ lẹ́yìn s. Ohun tó tún ń gbé ọ̀rọ̀ pamọ́ ni pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà bí ọ: lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tó dá dúró. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀ dájú pé ó wà, tí kọ̀ǹpútà ní kò sí, ẹ fura sí èyí. Kí ẹni kan fi kíbọọ̀dù kan tẹ gbogbo àkójọ náà.

Nípa ibi tí yóò wà, síláìdì tó kẹ́yìn ni gbogbo ènìyàn ń fi í sí, ibẹ̀ sì ni kò ti wúlò nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ méjìlélógún kò tiẹ̀ lè gba ojú síláìdì kan, àfi bí lẹ́tà bá kéré débi pé ẹni ẹ̀yìn kò ní rí nǹkan. Ibi méjì ni mo ń pín in sí. Gbogbo àkójọ náà wà lórí ìwé kan tí ẹ ó fún wọn lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ìsàlẹ̀ síláìdì tí ìgékúrú ti kọ́kọ́ jẹ yọ, ìlà kan péré: "SOC: iye tó kù nínú bátìrì".

Bí ẹnì kan yóò bá ka síláìdì náà fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹ so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ojú ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú PowerPoint, ẹ yan ọ̀rọ̀ náà, ẹ tẹ `Ctrl+K`, ẹ mú `Place in This Document`, ẹ sì yan síláìdì ìtumọ̀. Lórí síláìdì ìtumọ̀ náà, ẹ ya bọ́tìnnì kan, ẹ lọ sí `Insert`, lẹ́yìn náà `Action`, kí ẹ mú `Last Slide Viewed`, kí òǹkàwé lè padà síbi tó ti wá. Bí kò bá sí bọ́tìnnì ìpadà yìí, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò sọnù, kò sì ní tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ìṣirò, kì í ṣe pẹ̀lú "ṣé ó yé ọ?"

Bí ẹ bá béèrè bóyá ó yé wọn, wọn yóò ní ó yé wọn. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ kan tí kò ṣeé ṣe láìlo ìtumọ̀ náà. Tèmi rèé: bátìrì kan jẹ́ 200 Ah ní 12 V, DoD rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 50% lọ; wákàtí mélòó ni yóò fi gbé fáànù 60 W? Ẹ jẹ́ ká gbójú fo ohun tí ínfátà ń jẹ lójú ọ̀nà.

Ìdáhùn tó tọ̀nà ni 20. Ìlọ́po 200 àti 12 jẹ́ 2400 Wh, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 1200, ká pín in sí 60. Àwọn ìdáhùn tó kùnà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mú 40 wá ti gbàgbé DoD, tàbí ìtumọ̀ DoD kò jẹ́ kó mọ̀ pé ìdajì bátìrì nìkan ló wà fún un láti lò. Ẹni tó bá mú wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ wá ti pín 200 sí 60 tààrà. Ó rò pé Ah ni Wh. Ìtumọ̀ Ah ni ẹ ó tún kọ, kì í ṣe òun ni ẹ ó bá wí. Lọ́jọ́ tí mo ṣe é, ẹni mẹ́rin ló jókòó, méjì nínú wọn ló mú mẹ́ta àti díẹ̀ wá. Mo padà lọ fi gbólóhùn kan kún Ah: "Ah nìkan kò sọ iye iná tó wà nínú bátìrì, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú V." Ẹni mẹ́rin mìíràn tó wá lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó tún ṣe irú àṣìṣe yẹn.

Ohun tó kù ni ti ọjọ́ tí síláìdì bá yí padà. Ẹ tún tẹ ìlà Páítọ́nì yẹn, kí ẹ fi èsì rẹ̀ wé àkójọ yín. Ìgékúrú tó bá wà nínú èsì tí kò sí nínú àkójọ, àlejò ni. Ẹ wádìí rẹ̀. Èyí tó bá wà nínú àkójọ tí kò sí nínú síláìdì mọ́, ẹ yọ ọ́, àfi bó bá jẹ́ Ah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kò lè rí. Ẹ kọ orúkọ wọn sínú bébà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín má baà rò pé wọ́n ti kú, kó sì pa wọ́n rẹ́.